Báàgì Omi Mélòó Ni Oṣù Kẹrin Yóò Gbà?

Ká ní ìyá kan ń ta píọ̀ wọ́tà n'Ìbàdàn. Ìwé ọjà rẹ̀ fi hàn pé báàgì 4,800 ló tà lọ́dún tó kọjá, ìpíndọ́gba 400 lóṣù. Àmọ́ oṣù ò dọ́gba: omi máa ń yá lọ́jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì máa ń falẹ̀ bí òjò bá dé.

Ní Oṣù Kìíní ọdún náà, ó ta 480. Bí a bá fi 400 pín in, a ó rí 1.2. Ìwọ̀n ìgbà fún oṣù náà nìyẹn. Ti Oṣù Kejì jẹ́ 1.3, Oṣù Kẹta 1.2, Oṣù Kẹrin 1.1.

Lọ́dún yìí, ó ti ta 516, 572 àti 540. Ẹni tó bá kàn wá ìpíndọ́gba mẹ́ta yìí yóò ra nǹkan bí 543 fún Oṣù Kẹrin, yóò sì ṣì í, torí iye ẹ̀ẹ̀rùn pátápátá ni. Ó yẹ kó kọ́kọ́ fi ìwọ̀n ìgbà oṣù kọ̀ọ̀kan pín iye tó tà: 430, 440, 450. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 440. Ní ìlọ́po 1.1, ó di báàgì 484.

Nígbà tí Oṣù Kẹrin bá parí, yóò yọ Oṣù Kìíní kúrò, yóò sì fi Oṣù Kẹrin rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìpíndọ́gba náà fi ń yí.

Ọdún kan ṣoṣo kéré, ká má tan ara wa. Bí omi bá tán ní ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ márùn-ún lóṣù kan lọ́dún tó kọjá, iye tó tà kéré sí iye táwọn èèyàn fẹ́ rà. Kó sàmì sí irú oṣù bẹ́ẹ̀ nínú ìwé.