Ta Ló Kọ Ọ́, Ọdún Wo, Kí Ni, Níbo? Bí Àkọsílẹ̀ Jákujàku Ṣe Ń Di Ìwé Ìtọ́kasí APA

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù. Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta kan ń kọ lórí ìtàn Yorùbá ti pé ojú ìwé méjìlá, àárọ̀ ọ̀la ló sì gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì olùkọ́. Ojú ìwé kan péré ló kù, èyí tí wọ́n máa ń to àwọn ìwé ìtọ́kasí sí. Ó ṣí ìwé ajákọ rẹ̀, ohun mẹ́ta ló sì bá níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni fọ́tòkọ́pì kan tó ti ya létí, tó fi bírò kọ nǹkan sí lára: “Rev. Samuel Johnson, HISTORY OF THE YORUBAS, Lagos 1921, Cambridge 2010.” Ìkejì ni ìlà kan tó kọ wàrà-wàrà nígbà tí wọ́n fẹ́ ti yàrá ìkàwé: “Falola, Yoruba Diaspora, Bloomington 2004, Eltis pp 17-39.” Ìkẹta ni ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù: “Ekeh, two publics, 1975, ó wà lórí JSTOR.”

Ìlànà APA ni ẹ̀ka rẹ̀ ń lò. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1929, ojú ìwé méje péré sì ni nígbà náà. Ẹ̀dà keje, tó jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2019, ti lé ní irínwó ojú ìwé. Ẹni tó bá ṣí i á kọ́kọ́ rò pé òfin kọ́mà àti àkámọ́ ló kún inú rẹ̀, àmọ́ ìbéèrè mẹ́rin ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró: ta ló kọ ọ́, ọdún wo ló jáde, kí ni àkọlé rẹ̀, níbo ni ẹlòmíràn ti lè rí i? Bí ìbéèrè ṣe tò léra yẹn náà ni ìdáhùn ṣe máa ń tò léra. Ẹni tó bá ti lè dá a mọ̀ bóyá odindi ìwé ló wà lọ́wọ́ òun, tàbí orí kan nínú ìwé, tàbí àpilẹ̀kọ inú jọ́nà, ti ṣe èyí tó le jù níbẹ̀.

Ti Johnson ni ká fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ọdún méjì ló wà lára rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà ò sì mọ èyí tí ì bá mú. Ìtàn ìwé náà fúnra rẹ̀ ló máa yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson kọ ìwé náà parí, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọ nù mọ́ wọn lọ́wọ́. Johnson kú lọ́dún 1901 láì fojú kàn án ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò látinú àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀, ọdún 1921 ló sì tó jáde. Ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé Yunifásítì Cambridge tún un tẹ̀ lọ́dún 2010, ẹ̀dà yẹn sì ni akẹ́kọ̀ọ́ náà kà.

Ìlànà náà ò ní kó fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú ọdún méjèèjì. Ọdún ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò wọ inú àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ, torí ojú ìwé inú ẹ̀dà yẹn ló ń tọ́ka sí. Ọdún tí ìwé kọ́kọ́ jáde á wá wà nípẹ̀kun, kí òǹkàwé má bàa rò pé ẹni tó gbé ayé lánàá òde yìí ni Johnson.

Johnson, S. (2010). *The history of the Yorubas: From the earliest times to the beginning of the British Protectorate* (O. Johnson, Ed.). Cambridge University Press. (Original work published 1921)

Ẹ wò ó dáadáa. “Rev.” ti lọ. Oyè kì í wọ inú ìwé ìtọ́kasí, ì báà jẹ́ ti àlùfáà, ti olóyè, tàbí ti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó lè dun ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ láti má pe àgbà lórúkọ lásán, síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àbúrò Johnson ti rí àyè tirẹ̀ nínú àkámọ́, ó sì tọ́ sí i. Lẹ́tà ńlá tó kún ara fọ́tòkọ́pì náà ti rọlẹ̀: lẹ́tà ńlá ń bẹ̀rẹ̀ àkọlé, ó tún ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé àmì oníkókó méjì, yàtọ̀ sí ìyẹn, orúkọ ènìyàn, ìlú tàbí nǹkan mìíràn tó ní orúkọ tirẹ̀ nìkan ló ń gbà á. Àkọlé ìwé ni wọ́n ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú iṣẹ́ náà gan-an, níbi tó bá ti mẹ́nu ba Johnson, ohun tó máa kọ ni (Johnson, 1921/2010).

Ti ìkejì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà. Ó ti kọ Falola sílẹ̀ níwájú, ó sì fẹ́ to gbogbo rẹ̀ sábẹ́ F. Àmọ́ bó bá padà wo ẹ̀yìn ìwé náà, á rí i pé orúkọ ènìyàn méjì ló wà níbẹ̀, Toyin Falola àti Matt D. Childs, ọ̀rọ̀ tó sì fi hàn pé àwọn ni olótùú wà lẹ́bàá orúkọ wọn. Àwọn ni wọ́n kó àwọn òǹkọ̀wé jọ. Bó bá ṣí inú rẹ̀, orí kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Orí tó kà, láti ojú ìwé 17 sí 39, David Eltis ló kọ ọ́. Eltis ló ni ọ̀rọ̀, òun ló gbọ́dọ̀ wà níwájú.

Eltis, D. (2004). The diaspora of Yoruba speakers, 1650–1865: Dimensions and implications. In T. Falola & M. D. Childs (Eds.), *The Yoruba diaspora in the Atlantic world* (pp. 17–39). Indiana University Press.

Orúkọ tó wà níwájú ń fi orúkọ ìdílé ṣíwájú, àmọ́ tàwọn olótùú tó tẹ̀ lé “In” ò yí padà: lẹ́tà orúkọ àbísọ ni ó ṣáájú. Àkọlé orí dúró gbọọrọ, ti odindi ìwé ló tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí odindi ìwé ni ènìyàn máa béèrè ní yàrá ìkàwé. Bloomington, ìlú tí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé náà wà, ti kúrò níbẹ̀ pátápátá. Títí dé ẹ̀dà kẹfà ni wọ́n ń kọ orúkọ ìlú, ẹ̀dà keje ló yọ ọ́. Olùkọ́ tó bá kọ́ ti ìgbà yẹn lè ṣì máa béèrè rẹ̀, nítorí náà ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ wádìí ẹ̀dà tí ẹ̀ka rẹ̀ ń lò kó tó jókòó.

Ohun tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù ò tó gbé ìwé ìtọ́kasí ró. JSTOR kì í ṣe ibi tí àpilẹ̀kọ ti jáde. Ibi tí wọ́n ń kó o pa mọ́ sí ni, bí ọjà ṣe wà nínú ilé ìkẹ́rù. Ojú ìwé àkọ́kọ́ àpilẹ̀kọ náà ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí, ibẹ̀ ni orúkọ jọ́nà, ìdìpọ̀, nọ́ńbà àti ọdún máa ń wà. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé Peter P. Ekeh ló kọ ọ́, nínú ìdìpọ̀ 17, nọ́ńbà 1, láti ojú ìwé 91 sí 112.

Ekeh, P. P. (1975). Colonialism and the two publics in Africa: A theoretical statement. *Comparative Studies in Society and History*, *17*(1), 91–112. https://doi.org/10.1017/S0010417500007659

Orúkọ jọ́nà mú lẹ́tà ńlá rẹ̀ dání, àkọlé àpilẹ̀kọ ò mú tirẹ̀. Nọ́ńbà ìdìpọ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú orúkọ jọ́nà, èyí tó wà nínú àkámọ́ ò tẹ̀. Ìlà tó wà nípẹ̀kun ni DOI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kì í yí padà bí ibi tí wọ́n gbé àpilẹ̀kọ sí bá tilẹ̀ yí padà. Nítorí rẹ̀ ni kò fi sí ìdí láti kọ JSTOR sílẹ̀. Wọn kì í fi àmì ìdánudúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, kó má bàa dà bíi pé àmì náà wà lára àdírẹ́sì. Ẹni tó bá fọwọ́ dà á kọ lè fi òdo ṣe lẹ́tà O. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ ni kó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù: bó bá ṣí àpilẹ̀kọ mìíràn, tàbí kò ṣí nǹkan kan, nọ́ńbà kan ti ṣì.

Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn á ní kí ló ń ṣe gbogbo èyí fún, nígbà tí bọ́tìnì “Cite” wà lórí Google Scholar. Ó wúlò lóòótọ́, àmọ́ ohun tí wọ́n bá kó sínú rẹ̀ ló ń kó jáde. Bí àkọlé bá wọlé pẹ̀lú lẹ́tà ńlá káàkiri, bẹ́ẹ̀ náà ló máa jáde, kì í sì í ṣòro fún un láti gbàgbé olótùú.

Títò wọ́n ò gba àkókò. Á, bí, dí ni wọ́n ń tẹ̀ lé, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì: Ekeh ṣáájú Eltis torí k ṣáájú l, Johnson sì wá lẹ́yìn wọn. Wọn kì í fi nọ́ńbà sí i. Ìlà àkọ́kọ́ ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ létí òsì, àwọn ìlà tó kù wọlé ní ààbọ̀ ínṣì. Ẹni tó bá ń fi àlàfo tì í wọlé á rí i pé gbogbo rẹ̀ dàrú nígbà tó bá yí ìwọ̀n lẹ́tà padà. Nínú Word, kó yan gbogbo ìtọ́kasí náà, kó tẹ Ctrl+T, ó ti parí.

Aago méjìlá ku díẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà mú pẹ́ńsù, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní, tó ń fi ìlà sábẹ́ gbogbo orúkọ tó tọ́ka sí, tó sì ń wò ó bóyá ó wà lẹ́yìn. Ekeh wà. Eltis wà. Johnson wà ní ibi mẹ́rin. Ní ojú ìwé keje ló ti bá (Oyěwùmí, 1997) pàdé, kò sì sí i lẹ́yìn rárá. Ìwé náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ara ilé ìkàwé ni. Orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí. Nínú rẹ́jísítà kíláàsì, orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú, àmọ́ ẹ̀yìn ìwé kì í ṣe rẹ́jísítà, èyí tó kẹ́yìn ni orúkọ ìdílé níbẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, ó rí ọdún àti ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ Johnson, pẹ̀lú àmì ohùn orí ìdílé náà gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́:

Oyěwùmí, O. (1997). *The invention of women: Making an African sense of Western gender discourses*. University of Minnesota Press.