Nígbà tí Kọ̀ǹpútà bá Ní Ìfisórí Mìíràn Ń Lọ Lọ́wọ́

Àṣìṣe méjì kan wà tó máa ń yọ sí ẹni tó ń fi ètò tuntun sórí kọ̀ǹpútà Windows, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé wọn kò bá ara wọn tan. Àkọ́kọ́ ni "Another installation is in progress". Ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀rọ ṣì ń fi nǹkan mìíràn sórí lọ́wọ́, kí ẹ jẹ́ kí ìyẹn parí ná. Èkejì kì í yọ títí ẹ ó fi rò pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ tẹ ètò náà kó ṣí, kò ṣí, ó wá gbé èyí síwájú yín: "The code execution cannot proceed because VCRUNTIME140.dll was not found." Fáìlì kan tí ètò náà nílò kó tó lè ṣiṣẹ́ kò sí lórí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe jẹun, ohun tí mo sì ti rí ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, àṣìṣe àkọ́kọ́ ló bí èkejì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìfisórí náà. Láti ìgbà Office 2000, tó jáde ní 1999, ni Microsoft ti ní ètò kan tó ń jẹ́ Windows Installer, orúkọ fáìlì rẹ̀ sì ni msiexec.exe. Tí ẹ bá rí ètò kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .msi, òun ló máa fi í sórí ẹ̀rọ. Ó ń da fáìlì sí àyè wọn, ó ń kọ orúkọ wọn sínú àkọsílẹ̀ Windows tó ń jẹ́ Registry, ó sì ń tọ́jú èyí tó pààrọ̀ kó lè dá a padà bí nǹkan bá yíwọ́. Tí ìfisórí méjì bá jọ ń kọ nǹkan síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lè pa ti èkejì rẹ́, kò sì sí bí ẹ̀rọ ṣe máa mọ èyí tó yẹ kó dá padà. Nítorí náà, ìfisórí kan ṣoṣo ni Windows Installer máa ń gbà láàyè lórí ẹ̀rọ kan. Ó dà bí ilé ìtọ́jú ẹrù tó ní kọ́kọ́rọ́ kan péré: ẹni tó bá mú un wọlé ló ni ibẹ̀, ẹni tó kù á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi jáde. Orúkọ tí Windows pe kọ́kọ́rọ́ náà ni `_MSIExecute`. Ẹni tí wọn kò bá jẹ́ kó wọlé á gba nọ́ńbà 1618. Nínú àwọn ètò mìíràn, nọ́ńbà kan náà á jáde bíi 0x80070652.

Kì í ṣe gbogbo ètò ló ń gba ọwọ́ Windows Installer o. Àwọn kan wà tí wọ́n ń da fáìlì wọn sílẹ̀ fúnra wọn, tí wọn kì í bèèrè kọ́kọ́rọ́ kankan. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ́jú pọ̀, bí ẹ ó ṣe rí i láìpẹ́.

Ọ̀pọ̀ ètò tí wọ́n fi èdè C++ kọ ni kì í dá gbogbo ohun tó ń lò gbé wá. Àwọn iṣẹ́ tó jẹ́ ti gbogbo wọn wà nínú àwọn fáìlì àjọlò, bíi VCRUNTIME140.dll àti MSVCP140.dll, tí Microsoft kó sínú àpò kan tó ń jẹ́ Visual C++ Redistributable. Ẹni tó ṣe ètò máa ń fi àpò yìí, ìyẹn vc_redist.x64.exe tàbí vc_redist.x86.exe, pamọ́ sínú ètò ìfisórí tirẹ̀, kó lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ láìsí pé ẹ rí i. Ṣùgbọ́n inú àpò yẹn, .msi ló wà níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gba kọ́kọ́rọ́. Bí ẹlòmíràn bá mú kọ́kọ́rọ́ náà dání lásìkò yẹn, àpò yìí á dá 1618 padà fún ètò tó rán an níṣẹ́. Ètò tí wọ́n ṣe dáadáa á dúró, á sì sọ fún yín. Àwọn mìíràn kò bìkítà: wọn kò wo èsì rárá, wọ́n á da fáìlì tiwọn sílẹ̀, wọ́n á sì kéde pé iṣẹ́ ti parí. Àwọn tó ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ ni mo dá lẹ́bi, kì í ṣe ẹni tó ń lò ó.

Akápò ilé-ìwé kan ní Abẹ́òkúta gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ètò ìṣirò owó ló fẹ́ lò, ìfisórí rẹ̀ sì ti sọ pé òun parí, ṣùgbọ́n kò ṣí, VCRUNTIME140.dll ló ń bèèrè. Ó gbìyànjú, ó lọ gba vc_redist.x64.exe fúnra rẹ̀, ìyẹn náà kọ̀, ó ní 0x80070652. Ẹnìkan ti ní kó fọ́máàtì ẹ̀rọ náà. "Bùọ̀dá, ṣé gbogbo àkọsílẹ̀ owó ilé-ìwé ló máa lọ báyìí?" Mo ní rárá mà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Windows máa ń kọ èyí sílẹ̀. A tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, a sì tẹ èyí:

```
eventvwr.msc
```

Event Viewer ló ṣí. Nínú rẹ̀ a yan Windows Logs, lẹ́yìn náà Application, a sì wá àwọn ìlà tí a kọ MsiInstaller sí lábẹ́ Source. Nọ́ńbà méjì ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. 1040 ni ìbẹ̀rẹ̀ ìfisórí kan, 1042 sì ni òpin rẹ̀. Ìfisórí tó bá ní 1040 tí kò ní 1042 tirẹ̀, òun ni kò tíì jáde. Lórí ẹ̀rọ màmá yìí, 1040 kan wà láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tí kò ní èkejì. Nígbà tí a tẹ ìlà náà, ó sọ ibi tí fáìlì .msi náà wà, orúkọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì wà nínú rẹ̀. Ó tún sọ pé Client Process Id: 5128. A ṣí ojú dúdú tí a ń pè ní Command Prompt, a bèèrè ẹni tó ń jẹ́ 5128:

```
tasklist /fi "PID eq 5128"
```

Msiexec.exe ló dáhùn, ó ṣì wà láàyè. Mo wá tẹ Alt mọ́ Tab láti yẹ gbogbo fèrèsé tó ṣí wò. Fèrèsé kékeré kan wà lẹ́yìn gbogbo wọn, ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun tí wọ́n ra fún ọ́fíìsì. Ohun tó ń sọ ni pé fáìlì kan tí òun fẹ́ pààrọ̀ wà ní ìlò, kí wọ́n pa ètò tó ń lò ó, kí wọ́n sì tẹ Retry. Láti àárọ̀ ló ti ń dúró de ìdáhùn, kò sẹ́ni tó rí i, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A pa ètò tó dárúkọ, a tẹ Retry, ó parí, 1042 sì yọ nínú Event Viewer. Lẹ́yìn náà ni a tún tẹ vc_redist.x64.exe, tí ó sì wọlé láìjanpata. Ètò ìṣirò owó ṣí. A kò tún un fi sórí lẹ́ẹ̀kejì, nítorí fáìlì tirẹ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àjọlò nìkan ló ṣaláìsí.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ohun kan níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí wọ́n bá ti rí msiexec.exe nínú Task Manager, wọ́n á kàn pa á. Rírí i nìkan kò fi hàn pé iṣẹ́ ń lọ, nítorí ó máa ń jókòó síbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, kó tó lọ fúnra rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ ló ń ṣe lóòótọ́, pípa á láàárín iṣẹ́ lè fi ètò kan sílẹ̀ ní ààbọ̀, tí kò ní ṣiṣẹ́, tí kò sì ní ṣeé yọ. Ẹ wo 1040 àti 1042 kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá ti dúró pẹ́ títí tí nǹkan kò yí padà, tí ẹ kò sì rí fèrèsé kankan, ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Inú ìrántí ẹ̀rọ nìkan ni kọ́kọ́rọ́ yẹn ń gbé, ó sì ń lọ bí ẹ̀rọ bá tún tàn.

Ṣùgbọ́n Restart ni kí ẹ tẹ, kì í ṣe Shut down. Lórí Windows 10 àti 11, bí Fast Startup bá wà ní títàn, Shut down kì í pa ohun gbogbo. Ó ń tọ́jú ìpìlẹ̀ Windows pamọ́ kó lè tètè dìde. Restart ló ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun. Bí ó bá sì jẹ́ pé iná ló lọ láàárín ìfisórí, ohun tí ẹ ó rí lẹ́yìn tí ẹ bá tan ẹ̀rọ lè yàtọ̀: Windows lè sọ pé ìfisórí kan dúró lójú ọ̀nà, pé ṣé kí òun dá a padà sẹ́yìn. Ẹ gbà fún un, kí ẹ sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ku àwọn tí wọ́n fi vc_redist sórí tán tí ètò wọn ṣì ń pariwo pé fáìlì kò sí. Ẹ yẹ irú ètò náà wò. Àwọn ètò kan jẹ́ ti 32-bit, wọn kò sì lè lo fáìlì 64-bit bó ti wù kó sún mọ́ wọn tó. Irú wọn ń fẹ́ vc_redist.x86.exe, kódà bí Windows yín bá jẹ́ 64-bit. Ohun tó ń da orí ènìyàn rú ni pé inú fóldà System32 ni fáìlì 64-bit ń gbé, tí ti 32-bit sì ń gbé inú SysWOW64. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń fi méjèèjì sórí gbogbo ẹ̀rọ 64-bit tó bá dé ọwọ́ mi. Wọn kì í bá ara wọn jà. Bí vc_redist bá sì kọ̀ tó ní 0x80070666, ẹ má fòyà: ohun tó ń sọ ni pé irú rẹ̀ mìíràn ti wà lórí ẹ̀rọ, èyí tó sábà máa ń jẹ́ pé ó tuntun ju èyí tí ẹ mú wá lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá wá VCRUNTIME140.dll lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí àwọn tó ń fi fáìlì kan ṣoṣo yẹn lọni lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n ní kí ẹ jù ú sínú System32. Ẹ kò mọ ẹni tó fi síbẹ̀, ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, Microsoft kò sì ní lè bá yín tún un ṣe nígbà tí àtúnṣe bá jáde. Ọ̀dọ̀ Microsoft nìkan ni kí ẹ ti gba vc_redist, odindi àpò rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.