Kí ló dé tí AI fi ń yí irun àti àwọ̀ ara padà nígbà tó jẹ́ aṣọ nìkan lẹ ní kó pààrọ̀?

Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin kan di ṣùkú, ó wọ ankara, ó wá ní kí AI fi aṣọ òkè rọ́pò rẹ̀ nínú fótò. Aṣọ òkè dé, ṣùgbọ́n ṣùkú ti di wíìgì, ara ti pọ́n sí i, ojú sì ti kéré lọ́jọ́ orí.

Kí ló fà á?

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí kì í lẹ aṣọ mọ́ fótò, gbogbo àwòrán ni wọ́n ń tún yà. Bí aṣọ òkè bá pọ̀ lára ìyàwó tuntun nínú fótò tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà, ojú ìyàwó lè bá aṣọ wá.

Báwo lẹ ṣe lè dá a dúró?

Ẹ lo èyí tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ fi ìka kun ibi tẹ́ ẹ fẹ́ yí padà. Aṣọ nìkan ni kẹ́ ẹ kùn, kẹ́ ẹ má kan ọrùn. Ẹ yan aṣọ tí kò ṣí èjìká ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ẹ̀rọ ni yóò fúnra rẹ̀ ṣe àwọ̀ ibi tó bá ṣí.

Bí kò bá dára ńkọ́?

Ẹ padà sórí fótò àkọ́kọ́. Bẹ́ ẹ bá ń tún èyí tó ti yí padà ṣe, àṣìṣe á máa gorí àṣìṣe. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ ẹ wo iwájú orí, ilà ojú àti ọwọ́.