Bí iṣẹ́ rẹ́ńdà gígùn ṣe lè máa tẹ̀ síwájú lẹ́yìn tí iná bá lọ: àpẹẹrẹ àwòrán ìró gb

Ìró gb inú ọ̀rọ̀ bí àgbà jẹ́ àfàfàséfètèpè: ètè méjèèjì pàdé, ẹ̀yìn ahọ́n sì kan àfàsé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Fẹ́rẹ̀ẹ́ yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ahọ́n sábà máa ń ṣáájú ètè díẹ̀, òun náà ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ tú sílẹ̀. Ojú lásán kò lè rí èyí lẹ́nu olùsọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ya àwòṣe ẹnu nínú Blender, tí a sì ń sọ ọ́ di fídíò tó ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìṣẹ́jú-àáyá 1 péré nínú ọ̀rọ̀ sísọ, kí a fà á gùn ní ìlọ́po 10. Fídíò náà yóò jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 10. Bí àwòrán 24 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwòrán 240 ni a nílò. Bí kọ̀ǹpútà bá ń lo ìṣẹ́jú 4 lórí àwòrán kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí 16. Ní ibi tí iná ti ń lọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, wákàtí 16 tí kò já kò sí. Ọ́ndúlẹ̀, ìyẹn àpótí bátìrì tí a ń so kọ̀ǹpútà mọ́, lè gbé e fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Kò lè gbé e di ọ̀la. Nítorí náà, kí a má ṣe gbìyànjú láti dènà ìjákulẹ̀. Kí a ṣètò iṣẹ́ náà kí ìjákulẹ̀ má baà gba ohun púpọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ìpinnu àkọ́kọ́ ló tóbi jù: kí a má ṣe ní kí Blender kọ fídíò tààrà. Fáìlì MP4 máa ń kọ atọ́ka rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Bí iná bá lọ ní àwòrán 239, fáìlì tó kù kì í sábà ṣí. Ní abala Output, ẹ yan PNG ní File Format, kí àwòrán kọ̀ọ̀kan di fáìlì tirẹ̀, gb_0001.png, gb_0002.png, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní báyìí, gbogbo àwòrán tó ti parí ti di ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ padà. Bí iná bá lọ, àwòrán tó wà lọ́wọ́ nìkan ló ṣòfò, ìyẹn ìṣẹ́jú 2 ní ìdá ọgbọọgba. Ohun kan kò yí padà o: Blender kì í fi àwòrán kan pamọ́ ní agbede méjì báyìí lásán. Bí àwòrán kan bá ń gba wákàtí 3, tí iná kì í sì í dúró ju wákàtí 2 lọ, iṣẹ́ náà kò ní parí láéláé, àfi kí ẹ dín Samples kù tàbí kí ẹ dín ìwọ̀n àwòrán kù.

Lábẹ́ File Format kan náà, ẹ yọ àmì kúrò nínú Overwrite. Láti ìgbà náà, bí Blender bá bá gb_0001.png nínú dósíè, yóò fò ó, yóò sì lọ sí èyí tí kò tíì sí. Ẹ má fi àmì sí Placeholders ní tiyín. Ó wúlò bí ẹ̀rọ méjì bá ń pín iṣẹ́ kan, nítorí ó máa ń ṣẹ̀dá fáìlì òfo fún àwòrán tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ bí iná bá lọ, fáìlì òfo náà yóò kù síbẹ̀, Blender yóò sì rò pé àwòrán náà ti parí.

Kódà láìsí Placeholders, fáìlì tí kò pé lè wà. Ohun tí Blender ti kọ kì í dé orí dísíìkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Línọ́ọ̀sì máa ń fi í sínú mẹ́mórì fún ìgbà díẹ̀. Bí àwòrán yín bá ń yára parí, méjì tàbí mẹ́ta tó kẹ́yìn lè di òfo papọ̀. A lè dá wọn mọ̀: gbogbo fáìlì PNG tó pé máa ń parí pẹ̀lú àmì IEND. Ìwé àṣẹ kékeré yìí ń wá àmì náà, ó ń kó èyí tí kò ní in sápá kan, lẹ́yìn náà ó ń bá iṣẹ́ lọ:

```
#!/bin/bash
cd /home/ise/render || exit 1
mkdir -p ifura
for f in gb_v3/*.png; do
  [ -e "$f" ] || continue
  tail -c 8 "$f" | grep -aq IEND || mv "$f" ifura/
done
/usr/bin/blender -b gb_v3.blend -a
```

Mo fẹ́ràn mv ju rm lọ níbí; bí àṣìṣe kan bá wà nínú ìlà àyẹ̀wò náà, àwòrán kò ní parun. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tún tàn, ẹ tẹ crontab -e, kí ẹ sì fi ìlà yìí kún un:

```
@reboot /home/ise/render/tesiwaju.sh
```

Ẹ sọ fáìlì náà di èyí tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú chmod +x. Nínú BIOS ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ètò kan wà tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tan fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ, ó sábà máa ń ní AC Power Loss nínú. Bí àwòrán 240 bá ti pé, ìwé àṣẹ náà yóò kàn fò gbogbo wọn, kò sì ní ṣe nǹkan kan.

Nǹkan méjì ṣì lè ba ìwádìí jẹ́ láìjẹ́ pé kọ̀ǹpútà kígbe. Èkíní ni kí a tún àwòṣe ṣe ní àárín iṣẹ́. Bí ẹ bá sún ahọ́n sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́yìn àwòrán 110, Blender kò ní tún àwọn ti àtijọ́ yà, ahọ́n yóò sì fò lójijì ní 111. Ìdí nìyẹn tí v3 fi wà nínú orúkọ dósíè: àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, dósíè tuntun, kí ẹ sì yí ọ̀nà inú Output padà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ahọ́n bá jẹ́ ti Soft Body, ẹ kọ́kọ́ ṣe Bake, kí ẹ sì fi àmì sí Disk Cache, nítorí ìrísí ahọ́n ní 111 ti inú 110 wá. Bí kò bá sí ìpamọ́ yìí, ìbẹ̀rẹ̀ tuntun lè mú ìrísí mìíràn jáde.

Èkejì ni àwòrán tó sọnù. Nínú àpẹẹrẹ wa, àwòrán kan dúró fún nǹkan bí mílísẹ́kọ́ńdì 4. Bí mẹ́ta bá sọnù níbi tí ètè ti ń tú sílẹ̀, mílísẹ́kọ́ńdì 12 ti lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyàtọ̀ àárín ahọ́n àti ètè tí a fẹ́ fi han lè má ju ìyẹn lọ. Bí ẹ bá fi glob kó àwòrán jọ nínú ffmpeg, yóò so èyí tó wà pọ̀ láìsọ pé nǹkan kan kù. Ẹ kọ́kọ́ kà wọ́n, kí ẹ rí i pé iye wọn jẹ́ 240, kí ẹ sì lo nọ́ńbà:

```
ls gb_v3/*.png | wc -l
ffmpeg -framerate 24 -i gb_v3/gb_%04d.png -pix_fmt yuv420p gb.mp4
```

Pẹ̀lú %04d, ffmpeg yóò dúró níbi tí nọ́ńbà bá ti já, fídíò yóò sì kúrú. Ìyẹn hàn sí ojú ní kíá. Bí 3 bá kù, ẹ tún ìwé àṣẹ náà ṣiṣẹ́. Blender yóò ya àwọn 3 náà nìkan ní ìṣẹ́jú 12, ẹ ó sì tún fídíò kó jọ láti inú dósíè kan náà.