Áàpù Kan Náà, Iye Owó Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Nígbà tí Spotify wọ Nàìjíríà lọ́dún 2021, ₦900 ló ń gbà lóṣù lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ máa gbọ́ orin láìsí ìpolówó ọjà. Lọ́dún yẹn kan náà, £9.99 ni ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń san. Téèyàn bá ṣẹ́ £9.99 sí náírà ní báǹkì nígbà náà, ó ju ₦5,000 lọ. Orin kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá rí irú èyí máa ń rò pé ẹnì kan ń yan òun jẹ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń dá iye lé áàpù máa rí i pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ni áàpù ló ń dá iye lé e, kì í ṣe ilé ìtajà. App Store tó wà lórí fóònù Apple pín sí ilẹ̀ àti àgbègbè 175, bíi ká sọ pé ṣọ́ọ̀bù 175 ni. Ẹni tó ṣe áàpù á mú ilẹ̀ kan gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀, ká ní Amẹ́ríkà, á sì sọ pé $9.99 lòun fẹ́ tà á níbẹ̀. Ilé ìtajà á wá bá a ṣírò iye tó yẹ kó jẹ́ níbi yòókù: á wo iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó, á wo owó orí ọjà, á sì tún un ṣe kó lè jọ iye tí àwọn ará ilẹ̀ náà mọ̀ lójú. Bí ìṣirò yìí ò bá tẹ́ ẹni tó ni áàpù lọ́rùn, ó láṣẹ láti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye mìíràn sí ilẹ̀ tó bá wù ú. Níbí gan-an ni ẹ̀dínwó ti ń wá. Ẹni tó mọ̀ pé ₦5,000 lóṣù máa lé àwọn oníbàárà Nàìjíríà sá, á yàn láti gba ₦900 lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Owó orí náà ò ṣeé fojú kéré. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni, ó sì ti wà nínú iye téèyàn rí. Nínú £9.99, nǹkan bíi £1.67 jẹ́ ti ìjọba. Ní Nàìjíríà, ìdá méje àtààbọ̀ péré ni. Ní Amẹ́ríkà, iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò ní owó orí nínú. Ìpínlẹ̀ tó bá ń gbà á ló máa fi kún un nígbà téèyàn bá ń sanwó, ìdí nìyẹn tí owó tó kúrò ní báǹkì fi máa ń ju èyí tó wà lójú fóònù lọ.

Iye owó kì í sì í dúró lójú kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦470 ní báǹkì kọjá ₦750 láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Áàpù tí wọ́n ń tà ní ₦4,700, tó jẹ́ $10 tẹ́lẹ̀, ò wá ju $6 àti díẹ̀ lọ mọ́. Nígbà tó di July ọdún náà, Apple gbé iye owó sókè ní Nàìjíríà, Íjíbítì, Tànsáníà àti Tọ́kì. Kò fọwọ́ kan owó oṣooṣù tó ń tún ara rẹ̀ san. Ẹni tó ni áàpù ló máa fúnra rẹ̀ gbé ìyẹn sókè, ó sì lè fi àwọn oníbàárà àtijọ́ sílẹ̀ sórí iye àtijọ́. Ìyẹn ni ọ̀rẹ́ méjì ní Ìbàdàn ṣe lè máa san iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí áàpù kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wá mú nọ́ọ̀sì kan tó kó kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ó balẹ̀, ó ra síìmù tuntun, ó ṣí App Store, náírà ló ṣì rí. Ilé ìtajà ò wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Ilẹ̀ tí àkáǹtì rẹ̀ jẹ́ ló ń wò, àti báǹkì tó fún un ní káàdì. Inú rẹ̀ lè dùn, nítorí owó oṣù rẹ̀ ṣì kéré. Ṣùgbọ́n láìpẹ́, báǹkì tuntun rẹ̀ sọ pé kó gba áàpù àwọn, ó wá a títí, kò rí i, torí pé ilé ìtajà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n gbé e sí. Lẹ́yìn náà ni káàdì náírà rẹ̀ parí ọjọ́, tuntun sì wà ní báǹkì nílé.

Tó bá fẹ́ yí ilẹ̀ padà lórí fóònù Apple, kó má kánjú. Owó tó bá ṣẹ́ kù nínú àkáǹtì gbọ́dọ̀ tán pátápátá. Bí èyí tó kù ò bá tó ra ohunkóhun, àwọn òṣìṣẹ́ Apple ló máa bá a yọ ọ́ kúrò. Gbogbo owó oṣooṣù tó ń san gba ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fagi lé, kó sì dúró títí oṣù tó ti san á fi parí. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há nìyí: ẹni tó san owó ọdún kan ní December lè dúró di December tó ń bọ̀. Bó bá sì wà nínú ẹgbẹ́ ìdílé tó ń pín ohun tí wọ́n rà, ó lè nílò láti jáde kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á láyè. Kó kọ́kọ́ gba gbogbo áàpù tó ṣì máa lò sórí fóònù, nítorí pé èyí tí kò bá sí nílẹ̀ tuntun ò ní ṣeé gbà mọ́. Lẹ́yìn èyí, kó wọ Settings, kó tẹ orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà Media & Purchases, View Account, Country/Region. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti béèrè káàdì àti àdírẹ́sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó bá tún owó oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pọ́n-ùn ló máa san.

Google Play rọrùn jù ú lọ níbì kan, ó sì le jù ú lọ níbòmíì. Èèyàn gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ tuntun náà, kó sì ní káàdì ibẹ̀, àmọ́ kò di dandan kó ná owó tó ṣẹ́ kù tán. Owó náà ò kàn ní ṣeé ná nílẹ̀ tuntun ni. Bó bá ti yí i, ó di ọdún kan kó tó lè yí i padà. Ìyípadà náà sì lè gba wákàtí méjìdínláàádọ́ta kó tó hàn. Ẹni tó lọ kàwé fún oṣù mẹ́sàn-án gbọ́dọ̀ rò ó dáadáa kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ìdí tí wọ́n fi le tó báyìí ni pé àwọn kan ń fi VPN ṣe bí ẹni tó wà nílẹ̀ tí nǹkan ti pọ̀n díẹ̀, kí wọ́n lè ra ohun tí owó rẹ̀ kéré. Lọ́dún 2024, YouTube bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé owó oṣù irú àwọn bẹ́ẹ̀. Mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àkáǹtì tó ti ń lò láti ọdún pípẹ́ ta irú tẹ́tẹ́ yẹn.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó ń kó lọ ni pé kó ní àkáǹtì méjì. Lórí fóònù Android, kó fi àkáǹtì Google kejì kún ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tirẹ̀, áàpù báǹkì Nàìjíríà á wá láti ọ̀kan, ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù á wá láti èkejì. Lórí fóònù Apple, iCloud lè wà lórí àkáǹtì àtijọ́, kí Media & Purchases sì wà lórí tuntun, fọ́tò àti nọ́ńbà àwọn èèyàn rẹ̀ ò ní kúrò níbẹ̀. Àmọ́ áàpù tó bá ti ọ̀dọ̀ àkáǹtì àtijọ́ wá, páásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì yẹn ni fóònù máa béèrè nígbà tó bá fẹ́ tún un ṣe. Tí nọ́ńbà síìmù Nàìjíríà bá wà lára àkáǹtì náà fún ìdánimọ̀, kó fi nọ́ńbà tuntun kún un kí síìmù náà tó kú.