Iṣu Ṣakí, Ọjà Ìbàdàn: Bí A Ṣe Ń Pín Ọkọ̀ Sọ́nà

Ká ní alájàpá iṣu kan ní ibùdó mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, iṣu tó kún ọkọ̀ akẹ́rù 25 wà nílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti ọkọ̀ 30 wà ní Ìsẹ́yìn, ti ọkọ̀ 25 sì wà ní Ṣakí. Àwọn oníbàárà rẹ̀ wà ní ìlú mẹ́ta mìíràn: Abẹ́òkúta ń retí ọkọ̀ 20, Ìbàdàn ń retí 45, Òṣogbo ń retí 15. Ẹ ro gbogbo iṣu tó wà nílẹ̀ pọ̀, ọkọ̀ 80 ni. Ẹ ro gbogbo ohun tí ọjà ń béèrè, 80 náà ni. Nígbà tí ìhà méjèèjì bá dọ́gba báyìí, kò sí iṣu tí yóò ṣẹ́kù sí ibùdó, kò sì sí ọjà tí a ó já kulẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni pé ọkọ̀ mélòó ni kí ó ti ibùdó wo lọ sí ọjà wo.

Owó ọkọ̀ ló mú kí ìbéèrè náà le. Èmi ni mo fi iye tó wà nísàlẹ̀ yìí ṣe àpẹẹrẹ, nítorí owó ọkọ̀ gidi kì í dúró sójú kan. Ẹgbẹ̀rún náírà ni a fi kà á, fún ọkọ̀ kan ṣoṣo. Níbi tí ẹ bá ti rí 85, ₦85,000 ni.

| | Abẹ́òkúta | Ìbàdàn | Òṣogbo | Iṣu tó wà nílẹ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Ògbómọ̀ṣọ́ | 85 | 55 | 30 | 25 |
| Ìsẹ́yìn | 50 | 45 | 60 | 30 |
| Ṣakí | 110 | 80 | 90 | 25 |
| Ohun tí ọjà ń fẹ́ | 20 | 45 | 15 | 80 |

Ọ̀gbẹ́ni Frank Hitchcock, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Amẹ́ríkà, ló gbé irú ìṣòro yìí jáde nínú ìwé kan lọ́dún 1941. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Tjalling Koopmans náà dojú kọ ọ́ ní Washington, níbi tó ti ń ṣírò bí ọkọ̀ ojú omi àwọn orílẹ̀-èdè tó jọ ń jagun ṣe lè kó ẹrù láìnáwó lásán. Lọ́dún 1951, George Dantzig fi hàn pé a lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ètò kan tó ṣeé ṣe, ká sì máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ títí owó rẹ̀ kò fi ní lè dín mọ́. Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò. Kò sí ẹni tó lè tún ètò tí kò tíì sí ṣe. Kí la ó fi bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní ìlànà igun àríwá-ìwọ̀-oòrùn. Lórí máàpù, òkè ni àríwá, ọwọ́ òsì sì ni ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà igun òkè lápá òsì àtẹ náà ni wọ́n ń sọ. Ẹ dúró sí àpótí ibẹ̀, kí ẹ kó gbogbo ohun tó bá ṣeé kó síbẹ̀. Tí iṣu ibùdó bá tán, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ibùdó tó tẹ̀ lé e. Tí ọjà bá yó, ẹ yà sọ́tùn-ún sí ọjà tó kàn. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún.

Nínú àtẹ wa, igun yẹn ni Ògbómọ̀ṣọ́ sí Abẹ́òkúta. Ibùdó ní 25, ọjà ń fẹ́ 20. A kó 20, Abẹ́òkúta yó. Ọkọ̀ 5 ṣẹ́kù ní Ògbómọ̀ṣọ́, a yà sọ́tùn-ún, a kó o lọ sí Ìbàdàn. Ògbómọ̀ṣọ́ tán, Ìbàdàn sì ń fẹ́ 40 sí i. A sọ̀ kalẹ̀ sí Ìsẹ́yìn, gbogbo 30 tó wà níbẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. A tún sọ̀ kalẹ̀ sí Ṣakí: 10 lọ sí Ìbàdàn láti fi dí i, 15 tó kù lọ sí Òṣogbo. Ó parí. Àpótí márùn-ún la lò, gbogbo ibùdó ṣófo, gbogbo ọjà yó.

Àpapọ̀ owó rẹ̀ jẹ́ ₦5,475,000. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò jìnnà sí Òṣogbo, tí owó ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀ kò ju ₦30,000 lọ, kò fi ọkọ̀ kankan ránṣẹ́ síbẹ̀. Ṣakí lọ́hùn-ún ló wá ń bọ́ Òṣogbo ní ₦90,000 lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí Ògbómọ̀ṣọ́ sì ń gbé iṣu tirẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta ní ₦85,000. Awakọ̀ èyíkéyìí tó bá gbọ́ ètò yìí yóò béèrè ẹni tó ṣe é. Ìdí rẹ̀ ni pé ìlànà yìí kò wo owó rárá. Ohun tó wà nílẹ̀ àti ohun tí ọjà ń fẹ́ nìkan ló ń wò. Ẹ pa gbogbo iye owó inú àtẹ náà rẹ́, ìdáhùn kan náà ni yóò mú wá.

Ẹ̀rí tó tún dájú jù wà. Igun yẹn kò sí lórí ilẹ̀, inú ìwé ló wà, ẹni tó kọ àtẹ ló sì ń pinnu ohun tó máa bọ́ síbẹ̀. Tí a bá tún orúkọ àwọn ọjà tò, tí Òṣogbo ṣáájú, tí Ìbàdàn tẹ̀ lé e, tí Abẹ́òkúta kẹ́yìn, ìlànà kan náà lórí iṣu kan náà yóò fún wa ní ₦4,950,000. Owó tó dín ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ, bẹ́ẹ̀ a kò ronú ohunkóhun, a kàn tún orúkọ tò ni.

Ọ̀nà kejì la ojú sílẹ̀. Ìlànà owó tó kéré jù lọ ni. Ẹ wá iye tó kéré jù nínú gbogbo àtẹ, kí ẹ kó gbogbo ohun tó bá ṣeé kó gba ibẹ̀. Ẹ fagi lé ibùdó tó bá tán tàbí ọjà tó bá yó, kí ẹ tún wá iye tó kéré jù nínú ohun tó ṣẹ́kù.

Iye tó kéré jù ni 30, Ògbómọ̀ṣọ́ sí Òṣogbo. A kó 15, Òṣogbo yó, 10 ṣẹ́kù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú ohun tó kù, 45 ló kéré jù, Ìsẹ́yìn sí Ìbàdàn. A kó gbogbo 30, Ìsẹ́yìn tán, Ìbàdàn ń fẹ́ 15 sí i. Ẹ kíyè sí i pé 50 Ìsẹ́yìn sí Abẹ́òkúta ti bá a lọ, nítorí iṣu kò sí ní Ìsẹ́yìn mọ́. Èyí tó kéré jù báyìí ni 55, Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn. 10 tó kù níbẹ̀ lọ. Ṣakí nìkan ló ṣẹ́kù, kò sì ní yíyàn kankan: 5 sí Ìbàdàn, 20 sí Abẹ́òkúta ní ₦110,000 lórí ọkọ̀ kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦4,950,000.

Ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àmọ́ ojú tí ìlànà yìí là kò ríran jìnnà. Ìsẹ́yìn fi ₦5,000 péré yan Ìbàdàn ju Abẹ́òkúta lọ, àṣàyàn kékeré yẹn ló sì ti Ṣakí sí ojú ọ̀nà tó wọ́n jù lọ nínú gbogbo àtẹ. Níbi tí ọ̀nà yìí ti máa ń kùnà nìyẹn: ohun tó pọ́n lójú ní ìbẹ̀rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń kó, ibi tí a kò bá sì fẹ́ dé ni a ń fipá dé níkẹyìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ sí òun, kí ó wo àpótí tí ó kún kẹ́yìn.

Nítorí náà n kò gbà pé ìlànà kejì ni yóò máa borí nígbà gbogbo. Ẹ to ọjà náà bí Òṣogbo, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, kí ẹ sì fi ìlànà igun ṣe é: ₦4,700,000 ni ẹ ó rí. Èyí tí kò wo owó rárá na èyí tó wo owó. Ojúure tí a bá pàdé lójú ọ̀nà ni, a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Àmọ́ ó fi hàn pé ètò ìbẹ̀rẹ̀ ni méjèèjì, kì í ṣe ètò ìparí.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ máa kà: iye àpótí tí ó kún. Ibùdó mẹ́ta àti ọjà mẹ́ta jẹ́ mẹ́fà, ẹ yọ ọ̀kan, ó ku márùn-ún. A yọ ọ̀kan nítorí pé àpapọ̀ méjèèjì dọ́gba: bí márùn-ún nínú àwọn iye mẹ́fà náà bá ti pé, èkẹfà ti pé fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn, ibùdó a tán, ọjà a sì yó lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní Ìbàdàn ń fẹ́ 40 péré, tí Ṣakí sì ní 20. Nígbà tí Ògbómọ̀ṣọ́ bá kó 10 rẹ̀ tó kù lọ sí Ìbàdàn, méjèèjì parí pọ̀. Ẹni tó bá fagi lé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan yóò parí sí àpótí mẹ́rin, ètò rẹ̀ yóò sì dá dúró sí wẹ́wẹ́ tí kò so pọ̀. Ọ̀kan ni kí ó fagi lé. Kí ó fi ìkejì sílẹ̀ bí ẹni tó ṣì ń fẹ́ òdo, kí ó sì kọ 0 sí àpótí Ṣakí sí Ìbàdàn. Òdo yẹn ka bí àpótí tó kún, kò sí owó lórí rẹ̀.

Ìdí tí a fi ń ṣọ́ iye yẹn ni iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká padà sí ètò ₦4,950,000. Àpótí mẹ́rin ló ṣófo. A mú ọ̀kan, Ìsẹ́yìn sí Abẹ́òkúta, a sì béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọkọ̀ kan bá gba ibẹ̀. Ìsẹ́yìn gbọ́dọ̀ dín ọkọ̀ kan kù sí Ìbàdàn, Ṣakí gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ kan dí Ìbàdàn, kí ó sì dín ọ̀kan kù sí Abẹ́òkúta. A fi 50 kún un, a yọ 45, a fi 80 kún un, a yọ 110. Ó dín ní 25: ₦25,000 la jèrè lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí àpótí tó kún kò bá tó márùn-ún, a kò ní lè yí gbogbo àpótí òfìfo po báyìí.

Ọkọ̀ mélòó ni ká gbé? Títí ọ̀kan nínú ibi tí a ń yọ kúrò yóò fi tán. Ṣakí sí Abẹ́òkúta ní 20, Ìsẹ́yìn sí Ìbàdàn ní 30. 20 ni òpin. Ètò tuntun wá di báyìí: Ṣakí kó gbogbo 25 rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, Ìsẹ́yìn kó 20 lọ sí Abẹ́òkúta àti 10 sí Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ kó 15 lọ sí Òṣogbo àti 10 sí Ìbàdàn. Owó rẹ̀ jẹ́ ₦4,450,000. A tún dán àpótí mẹ́rin tó ṣófo wò lọ́kọ̀ọ̀kan: Ògbómọ̀ṣọ́ sí Abẹ́òkúta yóò fi ₦25,000 kún owó ọkọ̀ kan, Ṣakí sí Abẹ́òkúta yóò fi ₦25,000 kún un, Ṣakí sí Òṣogbo yóò fi ₦35,000 kún un, Ìsẹ́yìn sí Òṣogbo yóò fi ₦40,000 kún un. Kò sí èyí tó dín owó kù mọ́, a lè sọ fún àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n máa di ẹrù.