Àlàfo Inú Ògiri Tóóró: Bí A Ṣe Ń Ka Àwòrán Sláísà Kí Ẹ̀rọ Tó Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká mú pátákó kan tí wọ́n fẹ́ kàn mọ́ ara ògiri láti máa fi kọ́kọ́rọ́ kọ́. Ó nípọn ní mìlímítà 3. Orúkọ ẹni tó ni ín, ṢỌLÁ, wà lójú rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tó yọ sókè díẹ̀. Etí tóóró kan yí i ká, ìkọ́ mẹ́ta sì dúró ṣánṣán lórí rẹ̀. Ní ojú kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀.

Wọ́n wá fi ẹ̀rọ tírí-dì tẹ̀ ẹ́ jáde. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ di SOLA, kò ní ààmì lókè, kò sì ní ààmì nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi èékánná tẹ etí rẹ̀, ó là sí méjì bí ẹni pé wọn ò so ó pọ̀ rí. Nígbà tí wọ́n sì fi ìdì kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìkọ́ àkọ́kọ́, ó kán wéré láti ìdí. Kò sí ọ̀kan nínú àléébù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò hàn lójú kọ̀ǹpútà kí ike tó yọ́ rárá. Ibi tí ó hàn sí ni wọn kò wò.

Ẹ̀rọ tírí-dì tó wọ́pọ̀ jù máa ń yọ́ okùn ike, á sì tì í jáde gba ẹnu irin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní nósù. Ihò nósù tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ ní mìlímítà 0.4. Ìlà ike tó ń jáde níbẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń ya ìpele kan, tí á sì tún ya òmíràn lé e lórí, títí nǹkan náà á fi dúró. Ìpele kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ga ní mìlímítà 0.2. Ẹ̀rọ yìí kò mọ àwòrán tí ayàwòrán yà. Ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní sláísà ló ń gé àwòrán náà sí ìpele-ìpele, òun náà ló sì ń pinnu ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Lára wọn ni Cura, PrusaSlicer, OrcaSlicer àti Bambu Studio. PrusaSlicer la ó lò níhìn-ín, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé.

Ojú ìwé méjì ló yẹ kí ènìyàn mọ̀ yàtọ̀ síra nínú PrusaSlicer. Èkíní ni ibi tí a ti ń gbé àwòrán kalẹ̀. Ohun tí ayàwòrán fẹ́ ló wà níbẹ̀. Èkejì ni `Preview`, tí a máa rí lẹ́yìn tí a bá tẹ `Slice now`. Ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe ní ti gidi ló wà níbẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí ojú ìwé méjèèjì kò bá bára mu, èkejì ni ẹ̀rọ máa gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Nínú `Preview`, a ó yan `Feature type` kí àwọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan lè sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún wa. Ìlà tó wà níta pátápátá ní àwọ̀ ọsàn, èyí tó tẹ̀ lé e nínú ní àwọ̀ ìyeyè, àwọn ìlà tí wọ́n fi ń kún inú lọ́nà tí kò dí jẹ́ pupa, àwọn ìlà tín-ín-rín tí sláísà fi ń dí àlàfo sì jẹ́ funfun. `Gap fill` ni orúkọ tí a ó rí níwájú funfun yìí. Ọ̀pá kan wà lápá ọ̀tún tí a máa ń fà lọ sókè àti sísàlẹ̀ láti rí ìpele kọ̀ọ̀kan. Òmíràn wà nísàlẹ̀ tó máa ń fi hàn bí ẹ̀rọ yóò ṣe fa ìlà inú ìpele kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í wo gbogbo nǹkan náà láti òkèèrè. Wọ́n á fa ọ̀pá apá ọ̀tún sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì sún mọ́ ibi tóóró kọ̀ọ̀kan.

Fún pátákó Ṣọlá, gíga tó yẹ ká dúró sí ni mìlímítà 3.2. Ìpele àkọ́kọ́ lórí pátákó fúnra rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ sì ni lẹ́tà, etí àti ìkọ́ ti jọ hàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun àkọ́kọ́ tí ojú máa rí níbẹ̀ ni pé lẹ́tà wà, ṣùgbọ́n ààmì kò sí. Ayàwòrán ya ààmì ìsàlẹ̀ Ṣ àti Ọ, pẹ̀lú ààmì orí Á, ní ìwọ̀n mìlímítà 0.4. Ìlà ìta tí sláísà yìí máa ń fà pẹ̀lú nósù 0.4 sì fẹ̀ ní 0.45. Nígbà tí sláísà bá ń lo ìlànà àtijọ́ tó pè ní `Classic`, ohunkóhun tó bá tóóró ju ìlà kan lọ kò ní àyè tí ìlà lè gbà, á sì fò ó. Bí kò bá kìlọ̀ fún wa, àìsí àwọ̀ níbi tó yẹ kí àwọ̀ wà ni ìkìlọ̀ náà. Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá sórí nǹkan gbọ́dọ̀ fi ojú wá ààmì kọ̀ọ̀kan ní ìpele yìí, nítorí pé àwọn ló kéré jù nínú gbogbo àwòrán, àwọn ló sì máa kọ́kọ́ sọnù. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí ayàwòrán sọ ààmì kọ̀ọ̀kan di mìlímítà 0.9 ó kéré tán, kí ó tún un gé, kí ó sì rí i pé àwọ̀ ọsàn ti dé ibẹ̀.

Etí pátákó náà ni àléébù kejì, òun ló sì ń tan ènìyàn jẹ jù. Ó nípọn ní mìlímítà 1.0, kò sì sọnù nínú `Preview`. Ìlà ọsàn kan gba ìta rẹ̀, òmíràn gba inú rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó láti òkè yóò rò pé odindi ògiri ni. Ṣùgbọ́n bí a bá sún mọ́ ọn, a ó rí i pé nǹkan kan wà láàárín ìlà méjèèjì: ó lè jẹ́ àlàfo ṣófo, ó sì lè jẹ́ ìlà funfun tó tín-ín-rín gan-an.

Ìṣirò ló bí i. Ìlà méjì tó fẹ̀ ní 0.45 kì í di 0.90 nígbà tí wọ́n bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ìlà ike máa ń rí roboto, sláísà sì máa ń jẹ́ kí wọ́n wọnú ara wọn díẹ̀ kí wọ́n lè lẹ̀ pọ̀. Bí ìpele bá ga ní 0.2, ìlà méjì máa ń di nǹkan bí 0.86. Bí a bá yọ ìyẹn kúrò nínú 1.0, ó ku 0.14, ìyẹn kò sì tó ìdá mẹ́ta ìlà kan. Bíríkìlà tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jẹ́ oríṣi ìwọ̀n kan ṣoṣo máa ń bá irú ìṣòro yìí pàdé: àyè tó kù kò gba búlọ́ọ̀kù mìíràn, ó sì ju ohun tí ó yẹ kí ó fi sílẹ̀ lọ. Bí sláísà bá fi ìlà funfun dí i, ike tó máa jáde kéré débi pé ó lè má jáde déédéé, ìlà méjèèjì kò sì ní dì mọ́ra. Ìdí tí etí náà fi là sí méjì nìyẹn.

Ọ̀nà méjì ló wà láti tún un ṣe. Èkíní ni kí a yí ògiri padà kí ó bá ìlà mu. Nínú ètò `Layers and perimeters`, PrusaSlicer fúnra rẹ̀ máa ń kọ ìwọ̀n tó dára fún ògiri tóóró: ní ìpele 0.2, ó jẹ́ 0.86 fún ìlà méjì àti 1.67 fún ìlà mẹ́rin. Ìdí tó fi dárúkọ méjì àti mẹ́rin ni pé ìlà kọ̀ọ̀kan máa ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan ògiri, á sì padà bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Nítorí náà, kí Ṣọlá sọ etí rẹ̀ di 0.86 tàbí 1.67, àlàfo náà á parẹ́.

Ọ̀nà kejì ni kí a yí `Perimeter generator` kúrò ní `Classic` sí `Arachne`. Ní 2022 ni ìlànà yìí wọ Cura 5.0, ọdún yẹn kan náà ló sì wọ PrusaSlicer 2.5. Kò fi dandan mú ìlà jẹ́ ìwọ̀n kan: ó lè mú un fẹ̀ tàbí kí ó mú un tóóró kí ó lè kún àyè tó wà. Fún etí 1.0, yóò fa ìlà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ díẹ̀ ju 0.5 lọ, kò sì ní sí nǹkan funfun láàárín wọn mọ́. A lè fi ojú ara wa rí i bí a bá yí `Feature type` sí `Width (mm)`, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọ̀ ti ń fi ìbú ìlà hàn. Bí àwọ̀ bá ṣàdédé yí padà ní igun kan, ibẹ̀ ni ìbú ìlà ti yí padà, ó sì yẹ ká tún sún mọ́ ọn wò. Síbẹ̀, `Arachne` kì í ṣe ajíǹde fún ohun gbogbo. Ohun tó bá tóóró ju ìdámẹ́rin nósù lọ, ìyẹn 0.1 fún nósù 0.4, kò ní tẹ̀ ẹ́ bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà.

Ìkọ́ ni àléébù kẹta, kò sì ní àwọ̀ tirẹ̀. Ìkọ́ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 4, ó sì ga ní 25. Bí a bá ń fa ọ̀pá apá ọ̀tún sókè, ohun tí a máa rí ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni òrùka kékeré kan: ọsàn níta, ìyeyè tẹ̀ lé e, pupa díẹ̀ láàárín. Kò sí ìlà kankan tó lọ láti ìdí ìkọ́ dé orí rẹ̀. Òrùka lórí òrùka ni gbogbo rẹ̀, ibi tí ìpele kan ti lẹ̀ mọ́ òmíràn ló sì sábà máa ń jẹ́ ibi aláìlera jù nínú ohun tí ẹ̀rọ yìí bá tẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ń fa orí ìkọ́ wálẹ̀, ìdí rẹ̀ ló sì ń gba gbogbo agbára náà.

Bí a bá sọ iye ìlà ògiri di márùn-ún, gbogbo inú ìkọ́ náà á dí pátápátá, ìyẹn á sì ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìtò ìpele kò yí padà. Ohun tó dára jù ni kí Ṣọlá ya ìkọ́ sọ́tọ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́ ní ìdùbúlẹ̀, kí ó fi ihò sílẹ̀ lára pátákó, kí ó sì fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Nígbà náà, `Preview` á fi ìlà gígùn hàn tó lọ láti orí ìkọ́ dé ìdí rẹ̀, ìlà wọ̀nyẹn ni yóò sì máa gbé kọ́kọ́rọ́.

Àwòrán yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àṣẹ tí sláísà fún ẹ̀rọ ló ń yà, kì í ṣe ike tó máa jáde. Bí okùn ike bá ti fa omi láti inú afẹ́fẹ́, tàbí tí ẹnu nósù bá ti dí díẹ̀, kò lè mọ̀. Bí nósù 0.6 bá wà lára ẹ̀rọ nígbà tí ètò inú kọ̀ǹpútà ṣì wà ní 0.4, gbogbo ìwọ̀n tó fi hàn kò bá òtítọ́ mu mọ́. Nítorí náà, kí ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ìwọ̀n nósù tó wà nínú ètò bá èyí tó wà lára ẹ̀rọ yín mu. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tó tóóró jù nínú nǹkan tí ẹ fẹ́ tẹ̀, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn. Bí ohun kan bá wà nínú àwòrán tí kò sí nínú `Preview`, tàbí tí funfun bá pín ògiri sí méjì, ẹ padà lọ tún àwòrán ṣe kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.